Bí a ṣe ń fi sinh rọ́pò tan nínú íńtígírà: ọ̀rọ̀ páìpù géètì kan ní Àkúrẹ́

Wẹ́dà kan wà ní ọ̀nà Ọba-Ilé níbí ní Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé mi. Lọ́jọ́ kan ó dá mi dúró, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan." Oníbàárà rẹ̀ fẹ́ géètì tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Géètì náà fẹ̀ ní fíìtì 8, àárín orí rẹ̀ sì fi fíìtì 2 àti ínṣì 8 ga ju ìkángun méjèèjì lọ. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí páìpù ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó kó tó tẹ̀ ẹ́. Páìpù fíìtì 20 kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ọrun méjì ló sì fẹ́ yọ lára rẹ̀, ọ̀kan fún iwájú ilé, ọ̀kan fún ẹ̀yìn.

Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ọrun náà sórí simẹ́ńtì. Láti àárín orí, téèyàn bá rìn fíìtì 1 sí ẹ̀gbẹ́, ìlà náà ti sọ̀kalẹ̀ ní ínṣì 2. Ní fíìtì 2, ó ti sọ̀kalẹ̀ ní ínṣì 8. Ní fíìtì 3, ínṣì 18. Ní fíìtì 4, tó jẹ́ ìkángun, ínṣì 32. Ẹ wo 2, 8, 18, 32 dáadáa: ìlọ́po méjì 1, 4, 9, 16 ni. Pàrábólà nìyẹn. Tí a bá fi fíìtì wọn ohun gbogbo, tí a fi ibi tó ga jù ṣe odo, tí y sì jẹ́ bí ìlà náà ṣe sọ̀kalẹ̀ tó láti ibẹ̀, ohun tó yà sílẹ̀ nìyí:

```
y = x²/6
```

Ẹ dán an wò ní x = 4: 16/6 jẹ́ fíìtì 2 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn fíìtì 2 àti ínṣì 8 gẹ́lẹ́.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní kákúlọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ nítòsí Sáótì Géètì ní Fútà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbé géètì yìí lọ síwájú wọn, torí pé íńtígírà tó wà nínú rẹ̀ ni èyí tí mo ti ń rí tí wọ́n ń fi ojú ìwé méjì ṣe, tí wọ́n á sì ṣì í lójú ìwé kejì. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń fi x = 3 tan θ rọ́pò lè bá mi lọ láìsí wàhálà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò náà fara hàn

Gígùn ìlà tó tẹ̀ ní fọ́múlà tí gbogbo wa mọ̀. A máa wá bí ìlà náà ṣe ń dà sílẹ̀ sí, ìyẹn dy/dx, a ó sọ ọ́ di síkúwíà, a ó fi 1 kún un, a ó fi gbòǹgbò bò ó, ká tó wá ṣe íńtígírà rẹ̀. Níbí, dy/dx jẹ́ 2x/6, ìyẹn x/3. Ìdajì ọrun ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n, láti x = 0 dé x = 4, torí ìdajì kejì kò yàtọ̀ sí i.

```
L/2 = ∫₀⁴ √(1 + x²/9) dx = (1/3) ∫₀⁴ √(x² + 9) dx
```

Ẹ má ṣe gbàgbé ìdá kan nínú mẹ́ta tó dúró síwájú. Láti inú gbòǹgbò ló ti jáde: 1 + x²/9 jẹ́ (x² + 9)/9, gbòǹgbò 9 tó wà nísàlẹ̀ sì jẹ́ 3. Ọ̀pọ̀ máa ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á parí iṣẹ́, wọn ò sì ní padà wá mú un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí tan máa kó yín sí

Ìwé tí ọ̀pọ̀ wa fi kẹ́kọ̀ọ́ sọ pé tí x² + a² bá wà lábẹ́ gbòǹgbò, ká fi a tan θ rọ́pò x. Kò parọ́. Tí x bá jẹ́ 3 tan θ, dx á di 3 sec² θ dθ, gbòǹgbò á di 3 sec θ, gbogbo rẹ̀ á sì di:

```
∫ √(x² + 9) dx = 9 ∫ sec³ θ dθ
```

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń rì. Kò sí ìdánimọ̀ kan tó máa fọ́ sec³ sí wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A ní láti pín in sí sec θ àti sec² θ, ká ṣe é lápá lápá. Lẹ́yìn náà ni sec³ tí a sá fún á tún yọjú ní ọwọ́ ọ̀tún, a ó gbé e padà sí òsì, a ó fi 2 pín in. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a gbọ́dọ̀ mọ íńtígírà sec θ fúnra rẹ̀, èyí tí kì í wá sọ́kàn èèyàn lásán. Àwọn aláwòrán ilẹ̀ ti ń wá a tipẹ́. Ní 1599, Edward Wright fi ìrópọ̀ nọ́ńbà kéékèèké ṣe àtẹ rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ òkun. Ní bíi 1645, Henry Bond rí i pé àtẹ náà jọ ti lọ́gì, ṣùgbọ́n ó di 1668 kí James Gregory tó fi ẹ̀rí rẹ̀ lélẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kó há ohun tó pẹ́ tó báyìí kí wọ́n tó rí sórí, tí kò sì rántí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, n kì í bá a wí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi sinh rọ́pò

Fọ́ńṣọ̀n haipabólíìkì méjì tí a nílò nìyí. Wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́ ní "ṣáìn," ti ìkejì ní "kọ́ṣì." Vincenzo Riccati, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló gbé wọn jáde ní 1757.

```
sinh t = (eᵗ − e⁻ᵗ)/2
cosh t = (eᵗ + e⁻ᵗ)/2
cosh² t − sinh² t = 1
```

Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe ìlà kẹta láti inú méjì àkọ́kọ́. Ìlà kẹta yìí ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé, torí ohun tó ń sọ ni pé sinh² t + 1 jẹ́ cosh² t. Ibi tí a bá ti ń fi nǹkan kún síkúwíà, tí a sì fẹ́ kí gbòǹgbò ṣí kúrò, sinh ni ọ̀rẹ́ ibẹ̀.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí x = 3 sinh t. Ó di dandan kí nọ́ńbà tó ṣíwájú sinh jẹ́ gbòǹgbò 9, ìyẹn 3, kì í ṣe 9. Lẹ́yìn náà, dx jẹ́ 3 cosh t dt. Ẹ kíyè sí i pé kò sí àmì ìyọkúrò níbẹ̀. Dẹrifétíìfù sinh jẹ́ cosh, ti cosh náà sì jẹ́ sinh gan-an, kò dà bí ti cos tó máa ń mú àmì ìyọkúrò wá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ sin àti cos máa ń fi àmì yẹn sí i láìmọ̀.

Ohun tó wà lábẹ́ gbòǹgbò á di 9 sinh² t + 9, ìyẹn 9 cosh² t, gbòǹgbò rẹ̀ á sì di 3 cosh t. Ohun kan tí mo fẹ́ràn níbí ni pé cosh kì í kéré ju 1 lọ fún t èyíkéyìí. Èyí túmọ̀ sí pé a ò nílò láti bẹ̀rù bóyá gbòǹgbò náà yẹ kó ní àmì ìyọkúrò. Kò sí ààlà igun tí a ó máa ṣọ́ bí a ti máa ń ṣọ́ ti θ.

```
∫ √(x² + 9) dx = ∫ (3 cosh t)(3 cosh t) dt = 9 ∫ cosh² t dt
```

Cosh onísíkúwíà ló kù, dípò sec onílọ́po mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tí mo ń sọ láti òkè nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fọ́ cosh² sí wẹ́wẹ́

Bí a ṣe ń ṣe cos² náà ni. A mọ̀ pé cos² θ jẹ́ (1 + cos 2θ)/2. Ọ̀nà kan wà láti yí irú ìdánimọ̀ báyìí padà sí ti haipabólíìkì, G. Osborn ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1902: ẹ fi cosh rọ́pò cos, ẹ fi sinh rọ́pò sin, ibi tí sin méjì bá ti pàdé nínú ìsọdipúpọ̀, ẹ yí àmì ibẹ̀ padà. Nínú ti cos² yìí, kò sí sin kankan, nítorí náà àmì kò yí:

```
cosh² t = (1 + cosh 2t)/2
```

Ti sinh² ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Sin² θ jẹ́ (1 − cos 2θ)/2. Sin méjì ló wà lápá òsì, àmì gbogbo apá òsì sì yí, nítorí náà sinh² t jẹ́ (cosh 2t − 1)/2. Ọ̀nà kan tí kò lè tàn yín jẹ nìyí: ẹ fi t = 0 dán an wò. Cosh 0 jẹ́ 1, sinh 0 jẹ́ 0. Ìdánimọ̀ tí kò bá bá ìyẹn mu ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n 1 − cosh 2t náà máa fún yín ní odo ní t = 0, nítorí náà ẹ tún béèrè bóyá èsì náà lè jẹ́ nọ́ńbà tó ju odo lọ. Sinh² kò lè kéré ju odo.

Ní báyìí, íńtígírà náà rọrùn:

```
9 ∫ cosh² t dt = (9/2)(t + ½ sinh 2t) + C
              = (9/2)(t + sinh t cosh t) + C
```

Ìlà kejì wá láti inú sinh 2t = 2 sinh t cosh t. Ẹ yí i padà kí ẹ tó padà sí x, torí pé sinh t àti cosh t ni a mọ̀ ní ti x. A ò mọ sinh 2t ní tààrà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìpadàbọ̀ sí x

Pẹ̀lú tan, ibí ni a ti máa ń ya igun mẹ́ta sí etí ìwé. Níbí, a ò nílò àwòrán. Sinh t jẹ́ x/3 torí báyẹn ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Cosh t jẹ́ √(x² + 9)/3 torí a ti rí i nígbà tí gbòǹgbò ṣí. Ó ku t fúnra rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tí a bá ro sinh t pọ̀ mọ́ cosh t: e⁻ᵗ méjèèjì pa ara wọn rẹ́, ó ku eᵗ. Nítorí náà:

```
eᵗ = x/3 + √(x² + 9)/3
t = ln((x + √(x² + 9))/3)
```

Ìyẹn gan-an ni arsinh(x/3), nọ́ńbà tí sinh rẹ̀ jẹ́ x/3. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni há fọ́múlà arsinh sórí nígbà tó ń jáde wá bẹ́ẹ̀. Tí a bá kó wọn pọ̀:

```
∫ √(x² + 9) dx = ½ x √(x² + 9) + (9/2) ln((x + √(x² + 9))/3) + C
```

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè bá ara wọn jiyàn níbí. Ẹni tó lo tan sábà máa ń kọ ln(x + √(x² + 9)) láìfi 3 pín in. Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Lọ́gì ohun tí a fi 3 pín jẹ́ lọ́gì ohun náà, ká yọ ln 3 kúrò nínú rẹ̀, ln 3 sì jẹ́ nọ́ńbà tí kì í yí, C ti gbé e mì.

Àmọ́ ọ̀ràn géètì wa ní ààlà, nítorí náà a kò tilẹ̀ ní láti padà sí x. Ẹ yí ààlà padà sí t. Nígbà tí x jẹ́ 0, sinh t jẹ́ 0, t náà jẹ́ 0. Nígbà tí x jẹ́ 4, sinh t jẹ́ 4/3, cosh t sì jẹ́ 5/3, torí √(16 + 9) jẹ́ 5. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 9/3, ìyẹn 3, nítorí náà t jẹ́ ln 3.

```
(9/2)(ln 3 + (4/3)(5/3)) = 4.5 × 1.0986 + 10 = 14.944
```

Ẹ rántí ìdá kan nínú mẹ́ta tó ti ń dúró dè wá láti ìgbésẹ̀ kìíní. 14.944 tí a fi 3 pín jẹ́ 4.981. Ìdajì ọrun nìyẹn. Odindi rẹ̀ jẹ́ fíìtì 9.9625, ìyẹn fíìtì 9 àti ínṣì 11 àbọ̀.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kò ṣì?

N kì í jẹ́ kí ọmọ kankan fi ìdáhùn sílẹ̀ láìdán an wò, pàápàá nígbà tí ẹlòmíràn fẹ́ fi gé irin. Fún ìdajì ọrun yìí, ẹ fa ìlà tààrà láti orí dé ìkángun. Fíìtì 4 sí ẹ̀gbẹ́ àti 2.667 sísàlẹ̀, ìlà tààrà náà jẹ́ 4.807. Ohun tó tẹ̀ kò lè kúrú ju ohun tó lọ tààrà. Ní òdìkejì, tí a bá kọ́kọ́ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ká tó sọ̀kalẹ̀, 6.667 ni, ọrun wa kò sì lè gùn tó bẹ́ẹ̀. 4.981 wà láàárín wọn, ó sì sún mọ́ ti ìlà tààrà bó ṣe yẹ.

Ọmọ kan nínú kíláàsì náà gba 1.333. Ó gbàgbé láti yí dx padà, ó kàn fi dt rọ́pò rẹ̀, nítorí náà 3 cosh t nìkan ló ṣe íńtígírà rẹ̀. Kò nílò kí n sọ fún un pé ó ti ṣì: ìdajì géètì fẹ̀ ní fíìtì 4, páìpù tó kúrú ju ìyẹn kò lè kárí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ìdánwò tó tún sún mọ́ ọn lè lo ojúu ṣọ́ọ̀kì tí wẹ́dà náà ya. Láti ojú kan sí èkejì, ínṣì 12 ni a ń rìn sí ẹ̀gbẹ́, a sì ń sọ̀kalẹ̀ ní 2, lẹ́yìn náà 6, 10 àti 14. Gígùn ìlà tààrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 12.17, 13.42, 15.62 àti 18.44. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 59.64, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 119.28. Ti íńtígírà wa jẹ́ ínṣì 119.55. Ó fi díẹ̀ gùn jù ú lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí àwọn ìlà kúkúrú náà ń gé kọ́nà kọjá.

Lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ `hyp` sí, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀ kí ẹ tó lè rí sinh àti arsinh. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, tí ẹ fi sin⁻¹ lásán wá 4/3, ẹ̀rọ náà á kọ `Math ERROR`, torí kò sí igun tí sin rẹ̀ ju 1 lọ. Àṣìṣe tó fara hàn kì í pa èèyàn lára. Èyí tó léwu ni ìgbà tí x/a kò tó 1, torí sin⁻¹ á fún yín ní nọ́ńbà kan tí kò tọ́ láìsí ìkìlọ̀. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi sinh 1 dán ẹ̀rọ náà wò, ó gbọ́dọ̀ fún yín ní 1.1752. Bóyá ẹ̀rọ náà wà lórí dìgírì tàbí lórí rédíànù kò kan sinh rárá, torí t wa kì í ṣe igun.

Nígbà tí àmì inú gbòǹgbò bá yí

Tí x² − a² ló wà lábẹ́ gbòǹgbò, cosh ló kàn, torí cosh² t − 1 jẹ́ sinh² t. Ibí yìí ni mo máa ń dúró jù lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, torí cosh ní ìdíwọ́ méjì tí sinh kò ní. Àkọ́kọ́, cosh kì í kéré ju 1, nítorí náà x = a cosh t kò lè dé ibi tí x ti kéré ju odo lọ. Ìkejì, gbòǹgbò sinh² t lè jẹ́ sinh t tàbí òdì rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ sọ pé t kò kéré ju odo kí ó tó jẹ́ sinh t.

Ẹ wo èyí, tí ààlà rẹ̀ méjèèjì wà lápá òsì odo:

```
∫ dx/√(x² − 16),  láti x = −8.5 dé x = −5
```

Ẹni tó bá kọ x = 4 cosh t á wá cosh t = −1.25, ẹ̀rọ ìṣirò á sì kọ̀ ọ́. Ẹ kọ x = −4 cosh t, pẹ̀lú t ≥ 0. Nígbà náà dx jẹ́ −4 sinh t dt, gbòǹgbò sì jẹ́ 4 sinh t, ohun tó kù nínú íńtígírà jẹ́ −1. Ní x = −8.5, cosh t jẹ́ 17/8, sinh t jẹ́ 15/8, eᵗ jẹ́ 4, t jẹ́ ln 4. Ní x = −5, cosh t jẹ́ 5/4, sinh t jẹ́ 3/4, eᵗ jẹ́ 2, t jẹ́ ln 2. Ìdáhùn jẹ́ −(ln 2 − ln 4), ìyẹn ln 2, tàbí 0.693. Ohun tí a ń ṣe íńtígírà rẹ̀ kò kéré ju odo níbì kankan, a sì ń rìn láti òsì sí ọ̀tún, nítorí náà ìdáhùn tó bá ní àmì ìyọkúrò ti sọ fún yín pé ẹ ti sọ àmì kan nù lójú ọ̀nà.

Tí gbòǹgbò bá ní nǹkan bíi x² + 6x + 25, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di (x + 3)² + 16, kí ẹ wá kọ x + 3 = 4 sinh t. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fi sinh sílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni haipabólíìkì dára jù. Tí a² − x² bá wà lábẹ́ gbòǹgbò, ẹ lo x = a sin θ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tanh, ìyẹn sinh tí a fi cosh pín, lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìnira ni yóò kó yín sí. Tí x² + 9 bá wà nísàlẹ̀ láìsí gbòǹgbò kankan, tan ló yẹ: èsì rẹ̀ jẹ́ arctan ní ìgbésẹ̀ kan, nígbà tí sinh á sọ ọ́ di 1/cosh t tó tún fẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Tí x √(x² + 9) bá sì ni, ẹ má lo èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ fi u rọ́pò x² + 9, ó ti parí. Mo ti rí ọmọ tó lo ogún ìṣẹ́jú lórí irú èyí pẹ̀lú sinh, torí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ni.

Padà sí ṣọ́ọ̀bù

Ọrun méjì nílò fíìtì 19.925. Lórí páìpù tó pé fíìtì 20, ohun tó ṣẹ́ kù kò tó ínṣì kan, abẹ àwọn wẹ́dà á sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà mo ní kó kọ́kọ́ wọn páìpù náà fúnra rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n ń pè ní fíìtì 20 ló ń pé bẹ́ẹ̀. Mo tún sọ fún un pé gígùn tí mo fún un jẹ́ ti àárín ara páìpù, ojúu ṣọ́ọ̀kì sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín náà; ẹ̀gbẹ́ òde páìpù máa ń gùn ju ẹ̀gbẹ́ inú lọ nígbà tó bá tẹ̀. Ó na okùn lé ojúu ṣọ́ọ̀kì, ó wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé kò pé fíìtì 10, ó fi bí ìdajì ínṣì dín. Ó ní, "Tíṣà, ó bára mu."

Ohun kan tó tún bi mí ni bóyá ìṣirò kan náà á ṣiṣẹ́ fún ọrun tó bá jẹ́ abala róbótó. Rárá o. Róbótó tó fẹ̀ ní fíìtì 8, tó sì ga ní fíìtì 2 àti ínṣì 8, máa sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí ínṣì 6 péré ní ibi tí ti wa ti sọ̀kalẹ̀ ní ínṣì 8, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ fíìtì 10.19. Íńtígírà kò sí nínú rẹ̀, igun àti ìdajì ìbú róbótó nìkan ló tó. Ojúu ṣọ́ọ̀kì ní fíìtì 2 ló máa sọ irú èyí tó wà nílẹ̀ fún yín.

Fún pàrábólà yòówù, tí ìdajì ìbú géètì bá jẹ́ w, tí gíga ọrun sì jẹ́ h, ìgbésẹ̀ wa kan náà ló máa fún yín ní gígùn odindi ọrun:

```
a = w²/(2h)
L = w √(w² + a²)/a + a · arsinh(w/a)
```

Ẹ fi w = 4 àti h = 8/3 sí i, a á jẹ́ 3, L á sì jẹ́ 20/3 + 3 ln 3, ìyẹn 9.9625 tí a ti rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wẹ́dà náà gba iṣẹ́ mìíràn ní Oǹdó: géètì fíìtì 10, ọrun tó ga ní fíìtì 2, méjì náà ni wọ́n fẹ́. Níbẹ̀, w jẹ́ 5, a jẹ́ 6.25, √(w² + a²) jẹ́ 8.004, arsinh 0.8 sì jẹ́ 0.7327. L jẹ́ 6.403 + 4.579, ìyẹn 10.982, tàbí fíìtì 10 àti ínṣì 11 pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Páìpù fíìtì 20 kan kò lè yọ méjì irú èyí, nítorí náà ó ra méjì kó tó wọ ọkọ̀ Oǹdó.